Owó Ìpamọ́ Kì í Ra Òmìnira Èlé

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n máa ń sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá so owó rẹ̀ mọ́ dọ́là, tó sì jẹ́ kí owó máa wọlé kó máa jáde láìsí ìdíwọ́, kò lè pinnu iye èlé fúnra rẹ̀ mọ́. Èyí kò yé mi. Tí báńkì àpapọ̀ bá ní dọ́là rẹpẹtẹ nípamọ́, ṣé kò lè máa fi gbé owó rẹ̀ ró, kó sì dín èlé kù nílé lẹ́ẹ̀kan náà? Kí ló fẹ́ dá a dúró?"

Dọ́là tó wà nípamọ́ lágbára lóòótọ́. Ó lè mú kí iye pàṣípààrọ̀ dúró, ó sì lè ra àkókò fún ìjọba. Èlé ni kò lè rà. Ìdí ni pé gbogbo ìgbà tí báńkì àpapọ̀ bá ta dọ́là, owó ilé ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, owó ilé tó bá sì kúrò lọ́jà báyìí ló ń gbé èlé sókè. Iṣẹ́ méjì ni ẹ fẹ́ fi dọ́là yẹn ṣe, àkọ́kọ́ sì ń ba ìkejì jẹ́ bó ṣe ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi orílẹ̀-èdè kan tí a kò ní dárúkọ ṣe àpẹẹrẹ. Owó ilé 10 ni dọ́là 1 níbẹ̀, báńkì àpapọ̀ sì ti ṣèlérí pé kò ní yí padà. Dọ́là bílíọ̀nù 40 wà nípamọ́. Àwọn báńkì oníṣòwò ní owó ilé bílíọ̀nù 100 nínú àkáǹtì wọn lọ́dọ̀ báńkì àpapọ̀, inú àkáǹtì yìí ni wọ́n sì ti ń sanwó fún ara wọn lójoojúmọ́. Èlé jẹ́ 5% ní Amẹ́ríkà, 5% náà ló jẹ́ nílé. Ọjà wá dẹ̀ nílé, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, báńkì àpapọ̀ sì gé èlé sí 3% kí owó yíyá lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ẹni tó ní owó ilé 1,000 yóò jókòó ṣírò. Bó bá fi í sílé fún ọdún kan, 1,030 ni yóò bá níbẹ̀. Bó bá fi ra dọ́là 100, tó sì fi í sí Amẹ́ríkà, yóò bá dọ́là 105, èyí tó jẹ́ 1,050 nígbà tó bá ṣẹ́ ẹ padà. Kò sí ewu kankan níbẹ̀, torí báńkì àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sọ̀yà pé 10 náà ni yóò jẹ́ lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀ nílé. Kódà ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lè yá owó ilé ní 3%, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń san 5%, kó sì jẹ èrè àárín. Ìlérí yẹn gan-an ló sọ èrè náà di ohun tí èèyàn ń he nílẹ̀.

Ká ní iye pàṣípààrọ̀ ò sí lójú kan ni, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ. Bí àwọn èèyàn bá ṣe ń dù láti ra dọ́là, owó ilé yóò máa já wálẹ̀, bóyá láti 10 sí 10.5, títí yóò fi pọ̀ tó débi pé àwọn olówò yóò sọ pé, "Èyí ti pọ̀ jù, yóò gbéra nǹkan bíi 2% kí ọdún tó yí po." 2% tí wọ́n ń retí yìí yóò dí àlàfo àárín 3 àti 5, owó yóò sì dẹ́kun sísá. Iye pàṣípààrọ̀ ló gbé ẹrù náà. Ní orílẹ̀-èdè tiwa yìí, ẹ ti di iye pàṣípààrọ̀ lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, ẹrù náà sì gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò bọ́ sí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn wá ra dọ́là bílíọ̀nù 6. Báńkì àpapọ̀ tà á fún wọn ní 10 bó ṣe ṣèlérí, ó sì yọ owó ilé bílíọ̀nù 60 nínú àkáǹtì àwọn báńkì tó wá rà á fún àwọn oníbàárà wọn. 100 tó wà níbẹ̀ di 40. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Ìsanwó ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín àwọn báńkì lè gbà ju 40 lọ, nítorí náà báńkì tí tirẹ̀ kò tó yóò sáré yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́jú, ẹni tó ní yóò sì béèrè iye tó wù ú: 3.5%, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 5. Bó bá ti dé 5, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gbé owó jáde mọ́. Iye pàṣípààrọ̀ dúró digbí, dọ́là bílíọ̀nù 34 ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí wàhálà kankan, àfi pé èlé tí wọ́n gé ti padà síbi tó ti wá, láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i.

Báńkì àpapọ̀ lè kọ̀ fún un. Ó lè jáde lọ ra ìwé gbèsè ìjọba lọ́wọ́ àwọn báńkì, kó sì fi bílíọ̀nù 60 náà dá àkáǹtì wọn padà sí 100. Èlé mọ́jú yóò padà sí 3%. Ohun tí ẹ ń bi mí gan-an nìyí: fi dọ́là gbé owó ró, kí èlé sì wà nílẹ̀. Ó ṣeé ṣe, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n kí ló yí padà nínú ìṣirò ẹni tó ní 1,000 yẹn? Kò sí. 3 ṣì ni nílé, 5 ṣì ni lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ kejì, bílíọ̀nù 6 mìíràn yóò lọ, yóò ku 28, lẹ́yìn náà 22, 16, 10, 4. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré.

Kò sì ní pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó wà lọ́jà mọ ìṣirò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó rí i pé dọ́là yóò tán lọ́sẹ̀ keje kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀sẹ̀ kẹta ni yóò wá, ẹni tó sì mọ̀ pé àwọn wọ̀nyẹn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kẹta yóò wá lónìí. Látìgbà yẹn, kì í ṣe 2% ni wọ́n ń lé kiri mọ́. Ìjákulẹ̀ 10% tàbí 20% tí owó ilé fẹ́ ní lọ́jọ́ tí ìlérí bá wó ni wọ́n ń sá fún.

Robert Mundell àti Marcus Fleming, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, ló la ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nǹkan mẹ́ta ni ìjọba ń fẹ́: iye pàṣípààrọ̀ tí kò yí, ẹnubodè tó ṣí fún owó, àti èlé tó bá ipò ilé mu. Wọ́n ní a kì í jẹ méjì lábà Àlàdé. Níbí, méjì ṣeé jẹ, ẹ̀kẹta ni kò sí.

Ẹ lè sọ pé bílíọ̀nù 40 ló kéré jù nínú àpẹẹrẹ mi. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí dọ́là ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wá gbà lọ. Ní Họ́ńgì Kọ́ńgì, wọ́n ti so owó wọn mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹwàá ọdún 1983, ní 7.80. Láti ọdún 2005, ààlà méjì ló wà: bí dọ́là wọn bá le dé 7.75, àjọ tó ń ṣàkóso owó níbẹ̀ yóò ta á fún àwọn báńkì; bó bá rọ̀ dé 7.85, yóò rà á lọ́wọ́ wọn. Dọ́là Amẹ́ríkà tó wà nípamọ́ bo gbogbo owó tí àjọ náà gbé jáde mọ́lẹ̀ tán pátápátá, ó sì ṣẹ́ kù. Kò sí bí ó ṣe lè tán.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè láti àárín 0 àti 0.25% tó wà, torí ọ̀wọ́ngógó ọjà lọ́dọ̀ wọn ti ń lọ sí 9%. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi máa dé, ó ti di 4.25 sí 4.50%. Ní Họ́ńgì Kọ́ńgì, ọjà kò wọ́n, iye rẹ̀ kò fi 2.5% gbéra lọ́dún yẹn, ọrọ̀ ajé wọn sì súnkì ju 3% lọ. Dókítà èyíkéyìí nínú ìmọ̀ owó ì bá sọ pé kí wọ́n dín èlé kù. Ṣùgbọ́n owó ń jáde lọ sí ibi tí èlé wà, dọ́là wọn rọ̀ dé 7.85 ní oṣù Karùn-ún, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á padà, léraléra, fún ọdún kan. Owó tí àwọn báńkì ní nínú àkáǹtì wọn lọ́dọ̀ àjọ náà wá láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 338 dọ́là Họ́ńgì Kọ́ńgì sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 45. Èlé oṣù kan tí àwọn báńkì fi ń yá ara wọn, tí kò tó 0.5% nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ti kọjá 4% kí ọdún tó parí.

Ẹ rí i pé 100 tó di 40 nínú àpẹẹrẹ wa ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Òfin wọn kò gbà kí àjọ náà dá owó tó kúrò padà sínú àkáǹtì àwọn báńkì, ìdí nìyẹn tí 7.80 fi ṣì wà títí dòní. Ìpamọ́ wọn tó pọ̀ ló gbé iye pàṣípààrọ̀ ró. Kò fún wọn ní èlé tó bá ipò wọn mu.

Bìrìtéènì ọdún 1992 ni ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí wọn kò ti fẹ́ gbà pé èlé ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ti wọ ètò pàṣípààrọ̀ Yúróòpù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1990, pọ́ùn 1 sí máàkì Jámánì 2.95, ìsàlẹ̀ ibi tó lè já dé sì ni 2.778. Jámánì ń náwó rẹpẹtẹ lórí ìṣọ̀kan ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ọjà ń wọ́n níbẹ̀, báńkì àpapọ̀ wọn sì gbé èlé sókè láti kápá rẹ̀; nígbà tó di oṣù Keje ọdún 1992, èlé wọn tó kéré jù ti dé 8.75%. Ìlú Bìrìtéènì ní tirẹ̀ wà nínú ìfàsẹ́yìn ọrọ̀ ajé, àwọn tí kò níṣẹ́ ń lọ sí mílíọ̀nù 3. 10% ni èlé wà níbẹ̀. Ilé fẹ́ kó wá sílẹ̀, Jámánì kò sì jẹ́ kó wá.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, pọ́ùn ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Báńkì àpapọ̀ ń ra pọ́ùn ní bílíọ̀nù bílíọ̀nù láti àárọ̀. Nígbà tó di aago mọ́kànlá wọ́n gbé èlé sí 12%, lọ́sàn-án wọ́n kéde pé yóò di 15% lọ́jọ́ kejì. Pọ́ùn kò mira. Àwọn èèyàn ṣì ń béèrè títí dòní pé báwo ni 15% kò ṣe tó láti dá owó dúró. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Olówò kan yá pọ́ùn mílíọ̀nù 1 fún ọ̀sẹ̀ kan ní 15% lọ́dún. Èlé ọ̀sẹ̀ kan nínú ọ̀sẹ̀ 52 jẹ́ pọ́ùn 2,885. Ó fi mílíọ̀nù náà ra máàkì ní 2.778, ó gba máàkì 2,778,000. Bí pọ́ùn bá já sí 2.50 kí ọ̀sẹ̀ tó parí, máàkì yẹn yóò di pọ́ùn 1,111,200. Ó san gbèsè àti èlé, ó sì ṣẹ́ èrè pọ́ùn 108,000 àti díẹ̀ kù. Bí pọ́ùn kò bá já ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ló kúkú wà tẹ́lẹ̀, kò dájú pé yóò gbéra púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ohun tó máa pàdánù kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Kí èlé nìkan tó lè pa èrè yẹn, ó ní láti ju 11% lọ lọ́sẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 578% lọ́dún.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni báńkì àpapọ̀ Suwídìn, tó so owó tirẹ̀ mọ́ ti Yúróòpù, gbé èlé mọ́jú rẹ̀ sí 500%. Ọ̀pọ̀ ló fi wọ́n ṣẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n irú ìṣirò tí a ṣe tán yìí ló wà nídìí rẹ̀. Ó gbé wọn dé oṣù Kọkànlá, kí àwọn náà tó jọ̀wọ́ ara wọn.

Bìrìtéènì kò lè ṣe irú rẹ̀. Èlé tí ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ń san lórí owó tí wọ́n yá kọ́lé máa ń yí bí ti báńkì àpapọ̀ bá ṣe yí, nítorí náà 15% yóò wọ ilé oníkálukú láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn olówò mọ̀ pé kò sí ìjọba tó lè fara da èyí pẹ́ nínú ìfàsẹ́yìn, wọ́n sì ka ìgbéga náà sí àmì pé ó ti tán fún wọn. Nírọ̀lẹ́, Norman Lamont tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná jáde wá kéde pé àwọn ti kúrò nínú ètò náà. Ohun tí ìjọba wọn kọ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó ná wọn jẹ́ nǹkan bíi pọ́ùn bílíọ̀nù 3.3.

Lọ́jọ́ kejì èlé padà sí 10%, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó di 9, ní oṣù Kìíní ọdún 1993 ó ti di 6. Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ló jókòó sí báńkì àpapọ̀, ìlú kan náà ni. Pọ́ùn já sísàlẹ̀ 2.60 láìpẹ́, òun ló gbé ẹrù tí èlé ti ń gbé fún ọdún méjì.

Ohun kan tó máa ń dáni láàmú ni pé ó dà bíi pé ẹni tí owó ń ya wọ ilé rẹ̀ bọ́ nínú ìdè yìí, torí owó tirẹ̀ ló ń tà, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde láìlópin. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tó máa tán. Ti èlé kò yàtọ̀. Dẹ́ńmáàkì so kúróònù rẹ̀ mọ́ yúrò. Nígbà tí Suwisaláǹdì já okùn tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, àwọn olówò rò pé Dẹ́ńmáàkì ló kàn, owó sì ya wọ ibẹ̀. Láàárín ọjọ́ 19 oṣù yẹn sí ọjọ́ 5 oṣù Kejì, báńkì àpapọ̀ gé èlé lẹ́ẹ̀mẹrin títí ó fi di 0.75% sísàlẹ̀ òdo, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó fi owó pamọ́ ló ń sanwó. Ìjọba tún dá títa ìwé gbèsè rẹ̀ dúró kí àwọn àjèjì má baà rí ohun rà. Okùn kò já. Ṣùgbọ́n èlé tí wọ́n lò kì í ṣe èyí tí ọrọ̀ ajé Dẹ́ńmáàkì yàn.

Ìjọba tó bá fẹ́ iye pàṣípààrọ̀ tí kò yí àti èlé tirẹ̀ pa pọ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó ti ẹnubodè lọ. Màlésíà ṣe é ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998: wọ́n dá owó àjèjì tó wà ní ọjà ìpín ìdókòwò dúró fún ọdún kan, wọ́n fòpin sí títa ríńgìtì lókè òkun, lọ́jọ́ kejì wọ́n so ó mọ́ 3.80 sí dọ́là, wọ́n sì gé èlé nílé. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ máa ń jò bí àkókò bá ti ń lọ. Oníṣòwò tó fẹ́ gbé owó jáde yóò kọ dọ́là 120 sórí ìwé ọjà tó rà ní 100, yóò sì fi 20 sílẹ̀ lókè òkun; ẹni tó ń ta ọjà sókè òkun yóò kọ 80. Ṣáínà ti ilẹ̀kùn gidi, síbẹ̀ dọ́là tó wà nípamọ́ níbẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bíi tírílíọ̀nù 4 láàárín ọdún 2014 sí nǹkan bíi tírílíọ̀nù 3 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Ìyẹn ni ìpamọ́ tó pọ̀ jù lágbàáyé.

Òótọ́ ni pé àyè díẹ̀ máa ń wà láàárín. Bí ààlà òkè àti ìsàlẹ̀ bá jìnnà síra, tí àwọn èèyàn sì gbàgbọ́ pé owó náà yóò padà sáàárín, báńkì àpapọ̀ lè yà kúrò lára èlé òkèèrè fún oṣù díẹ̀. Bí owó náà bá wà ní 1% sísàlẹ̀ àárín, tí wọ́n sì ń retí kó padà láàárín ọdún kan, èlé ilé lè fi nǹkan bíi 1% kéré sí ti òkèèrè kí ẹnikẹ́ni má mira. Àyè náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí ìgbàgbọ́ bá sì ṣí ni òun náà ń parí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè kan ń gbìyànjú ohun tí ẹ béèrè yìí, ẹ má wulẹ̀ tẹ́tí sí ìkéde. Ẹ mú ìwé ìṣirò ohun-ìní àti gbèsè tí báńkì àpapọ̀ rẹ̀ ń gbé jáde lóṣooṣù. Ẹ wo ìlà méjì: ohun-ìní rẹ̀ lókè òkun, àti ohun-ìní rẹ̀ nílé, ìyẹn ìwé gbèsè ìjọba àti owó tó yá àwọn báńkì. Bí ti òkè òkun bá dín pẹ̀lú bílíọ̀nù 60, tí owó tí àwọn báńkì ní lọ́dọ̀ rẹ̀ náà dín bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ́ kí èlé gbéra, okùn rẹ̀ ṣì le. Bí ti òkè òkun bá dín pẹ̀lú 60, tí ti ilé sì fi 60 pọ̀ sí i, tí owó àwọn báńkì kò yí, ó ń dá owó padà. Ẹ wá pín dọ́là tó kù sí iye tó ń lọ lóṣù kan. Ìdajì iye oṣù tí ẹ bá rí ni kí ẹ kà, torí àwọn tó wà lọ́jà ti ń ka ìlà méjì yìí ṣáájú yín.